Bí a ṣe ń sọ irun di gígùn tàbí kúkúrú nínú àwòrán, tí yóò sì bá èjìká àti aṣọ mu

Ọ̀pọ̀ ènìyàn ni ó máa ń wo àwòrán kan tí wọ́n á sì mọ̀ lójú ẹsẹ̀ pé ẹnì kan ti fọwọ́ kan irun inú rẹ̀, ṣùgbọ́n tí wọn kò ní lè tọ́ka sí ohun tí ó tú àṣírí náà. Àwọ̀ irun náà kò burú, gígùn rẹ̀ kò sì pọ̀ jù, síbẹ̀ ó hàn gbangba pé wọ́n lẹ̀ ẹ́ mọ́ aṣọ ni. Àwọn tí wọ́n ti gbìyànjú iṣẹ́ yìí fúnra wọn náà máa ń ní irú ìdààmú kan náà: wọ́n á lo ọ̀pọ̀ wákàtí lórí fọ́nrán irun, wọ́n á yà wọ́n ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, àwòrán náà kò sì ní gba ojú. Ohun tí ó fà á ni pé irun fúnra rẹ̀ kọ́ ni ojú ènìyàn fi ń dá ayédèrú mọ̀. Ibi tí irun ti fara kan èjìká, tí ó sì ti sùn lé aṣọ, ni ojú ń yẹ̀ wò, bí a kò tilẹ̀ mọ̀ pé a ń yẹ̀ ẹ́ wò. Irun tí a yà lọ́nà tí kò lẹ́wà púpọ̀ lè ṣeé gbà gbọ́ bí ibẹ̀ bá tọ́, èyí tí a fi gbogbo ọgbọ́n yà yóò sì bàjẹ́ bí ibẹ̀ kò bá tọ́. Nítorí náà, ibẹ̀ ni àlàyé yìí yóò gbé pẹ́ jù.

## Àwọn ọ̀rọ̀ wo ni ó yẹ kí a kọ́kọ́ mọ̀?

Ọ̀rọ̀ mẹ́ta péré ni a nílò. Èkíní ni píkísẹ́lì, èyí tí í ṣe àwọn àmì onígun mẹ́rin kéékèèké tí wọ́n tò ti ara wọn, tí ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn ní àwọ̀ kan ṣoṣo, tí gbogbo wọn sì para pọ̀ di àwòrán tí à ń wò lójú kọ̀ǹpútà tàbí fóònù.

Èkejì ni ìpele. Nínú ètò ìtúnàwòránṣe bíi Photoshop, tàbí GIMP tí ó jẹ́ ọ̀fẹ́, kò yẹ kí a kun nǹkankan tààrà sórí àwòrán. Ìpele tuntun ni a máa ń tẹ́ lé e, gẹ́gẹ́ bí ẹni tí ó tẹ́ ọ̀rá tí ó mọ́ gaara sórí fọ́tò, tí ó wá ń ya nǹkan sórí ọ̀rá náà. Ohun tí a yà yóò hàn bí ẹni pé ó wà nínú àwòrán, ṣùgbọ́n a lè ká ọ̀rá náà kúrò nígbàkígbà láìjẹ́ pé àwòrán tí ó wà nísàlẹ̀ rẹ̀ bàjẹ́.

Ẹ̀kẹta ni ìbòjú, èyí tí ètò náà ń pè ní Layer Mask. Ìbòjú ni ó ń pinnu ibi tí ìpele kan yóò ti hàn àti ibi tí yóò ti fara pamọ́. Ibi tí a bá fi funfun kùn lórí ìbòjú yóò hàn, ibi tí a bá fi dúdú kùn yóò pamọ́, ibi tí a bá sì fi àwọ̀ eérú kùn yóò hàn fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́. Mo fẹ́ràn rẹ̀ ju ìnùrẹ́ lọ fíìfíì, nítorí pé ohun tí ìbòjú bá fi pamọ́ ṣì wà níbẹ̀, a sì lè dá a padà lọ́la tí a bá rí i pé a ti gé jù.

## Báwo ni fọ́nrán irun kan ṣe tóbi tó nínú àwòrán?

Ẹ jẹ́ kí a mú àpẹẹrẹ kan kí a sì tẹ̀ lé e. Obìnrin kan wà nínú àwòrán tí wọ́n yà láti orí dé àyà. Irun rẹ̀ jẹ́ irun tí ó nà, tí ó dúdú díẹ̀ ju àwọ̀ ilẹ̀ lọ, ó sì gùn dé èjìká. Ó wọ ṣẹ́ẹ̀tì aláwọ̀ búlúù fẹ́lẹ́ tí ó ní kọ́là. Ìmọ́lẹ̀ ń bọ̀ láti òkè, ní apá òsì àwòrán. Ohun tí a fẹ́ ṣe ni pé kí irun náà fi sẹ̀ǹtímítà 15 gùn sí i, kí ó sùn lé àyà.

Láti àgbọ̀n obìnrin náà dé àtàrí rẹ̀ gba píkísẹ́lì 1380. Bí a bá ka gígùn orí àgbàlagbà láti àgbọ̀n dé àtàrí sí nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 23, á jẹ́ pé sẹ̀ǹtímítà kan gba píkísẹ́lì 60 nínú àwòrán yìí, sẹ̀ǹtímítà 15 tí a fẹ́ fi kún un yóò sì gba píkísẹ́lì 900. Fọ́nrán irun orí kan máa ń nípọn tó nǹkan bíi mìlímítà 0.07. Ní ìwọ̀n tí a ṣe yìí, mìlímítà kan jẹ́ píkísẹ́lì 6, nítorí náà fọ́nrán kan kò ju píkísẹ́lì 0.42 lọ. Kò tó ìdajì píkísẹ́lì kan.

Ìṣirò kékeré yìí ni ó ṣàlàyé àṣìṣe tí ó wọ́pọ̀ jù lọ nínú iṣẹ́ yìí. Ohun tí à ń rí nínú àwòrán tí a sì ń pè ní fọ́nrán kì í sábà jẹ́ fọ́nrán kan ṣoṣo. Ìdì fọ́nrán díẹ̀ tí wọ́n lẹ̀ mọ́ra ni, tàbí kí ó jẹ́ fọ́nrán kan tí ó dá dúró lójú ohun tí àwọ̀ rẹ̀ yàtọ̀ sí tirẹ̀, tí ó sì hàn fẹ́ẹ́rẹ́ nítorí pé kò kún inú píkísẹ́lì kan. Nígbà tí ẹnì kan bá wá mú búrọ́ọ̀ṣì tí ó fẹ̀ ní píkísẹ́lì 5, tí ó kùn ún ní dúdú kíkún, ohun tí ó yà nípọn tó irun méjìlá tí wọ́n dì pọ̀, láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, láìyẹsẹ̀. Wáyà ni irú ìlà bẹ́ẹ̀ máa ń jọ. Nínú àpẹẹrẹ wa, búrọ́ọ̀ṣì tí ó fẹ̀ ní píkísẹ́lì 1 tàbí 2 ni a ó lò fún fọ́nrán tí ó dá dúró, a ó sì dín Opacity rẹ̀, ìyẹn bí àwọ̀ náà ṣe ki tó, sí àárín 30 àti 50 nínú ọgọ́rùn-ún. Bí àwòrán tìrẹ bá kéré jù èyí lọ, má ṣe ya fọ́nrán tí ó dá dúró rárá, nítorí pé kámẹ́rà kò lè rí i ní irú ìwọ̀n bẹ́ẹ̀.

## Níbo ni irun tuntun yóò ti wá?

Ara irun ẹni náà fúnra rẹ̀ ni ó dára jù láti mú un. Kò sí àwọ̀ tí a lè pò tí yóò bá a mu bí ti ara rẹ̀, kò sì sí irun inú àwòrán mìíràn tí ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ yóò bá ti ibí yìí dọ́gba pátápátá. A ó fi Lasso, irinṣẹ́ tí a fi ń yàn apá kan nínú àwòrán, yí apá irun tí ó wà láàárín etí àti èjìká ká, a ó ṣe ẹ̀dà rẹ̀ sórí ìpele tuntun, a ó sì sún ẹ̀dà náà sísàlẹ̀.

Ibi tí a ti gé ẹ̀dà náà ṣe pàtàkì. Àárín irun ni kí a ti mú un, kí á má ṣe gé e títí dé etí irun níbi tí ó ti pàdé ohun tí ó wà lẹ́yìn. Etí irun máa ń ní àwọ̀ ẹ̀yìn nínú, nítorí pé àwọn fọ́nrán etí fọ́nká, ohun ẹ̀yìn sì ń hàn láàárín wọn. Bí ògiri funfun bá wà lẹ́yìn obìnrin náà, tí a sì kó etí irun yẹn wá sórí ṣẹ́ẹ̀tì búlúù, ìlà funfun tẹ́ẹ́rẹ́ kan yóò yí irun tuntun ká. Ìlà yẹn ni ojú kọ́kọ́ ń rí.

Ẹ̀dà náà kò gbọdọ̀ bẹ̀rẹ̀ níbi tí irun àtijọ́ parí sí. Ó gbọ́dọ̀ gun orí rẹ̀, kí nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́ta rẹ̀ sùn lé irun àtijọ́, kí a sì fi ìbòjú pa etí òkè rẹ̀ rẹ́. Ibí ni ọwọ́ àwọn ènìyàn ti máa ń ṣì: wọ́n á kun ìbòjú náà ní ìbú, láti òsì sí ọ̀tún, ìlà kan yóò sì hàn lágbede méjì irun. Gígùn irun ni kí a máa tẹ̀ lé bí a ti ń kùn ún, láti òkè sí ìsàlẹ̀, pẹ̀lú búrọ́ọ̀ṣì tẹ́ẹ́rẹ́, kí ìdì kan ti pẹ́ kó tó rẹ́, kí òmíràn sì tètè rẹ́. Àwọn ṣóńṣó irun àtijọ́ tí wọ́n tú síta lẹ́bàá èjìká gbọ́dọ̀ bọ́ sábẹ́ irun tuntun tàbí kí a fi ìbòjú pa wọ́n mọ́, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ irun náà yóò ní àtẹ̀gùn kan ní àárín.

Ohun méjì ṣì kù tí ó lè tú àṣírí ẹ̀dà. Irun tí ó nà máa ń ní ibi tí ìmọ́lẹ̀ ti ń dán bí ìgbànú yípo orí. Bí ẹ̀dà wa bá kó díẹ̀ nínú ìgbànú yẹn wá, ìgbànú méjì ni yóò wà, ìkejì yóò sì wà ní àyà níbi tí kò sí ìdí fún un. Àwọ̀ tí ó dúdú díẹ̀, tí a mú láti ara irun náà, tí a fi Opacity 15 kùn lé e ní ìgbà mélòó kan, ni yóò mú un rọlẹ̀. Ohun kejì ni pé, nígbà tí ẹ̀dà kan kò bá tó, tí a sì nílò òmíràn fún ẹ̀gbẹ́ kejì, ọ̀pọ̀ ń yí ẹ̀dà àkọ́kọ́ padà ní òdìkejì. Nínú àwòrán tí ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ ń bọ̀ láti òsì, ìdì irun tí a yí padà yóò máa dán láti ọ̀tún. Ó sàn kí a mú ẹ̀dà ẹ̀gbẹ́ kejì láti ara ẹ̀gbẹ́ kejì fúnra rẹ̀.

Ṣóńṣó irun sì máa ń yàtọ̀ sí ìdí rẹ̀. Irun orí ń hù tó nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà kan lóṣù, nítorí náà ṣóńṣó irun tí ó gùn ní sẹ̀ǹtímítà 30 ti lo bí ọdún méjì àbọ̀ nínú oòrùn, omi àti ìyàrun. Ó máa ń ṣí díẹ̀, kì í sì í dán tó ti òkè. Bí a bá jẹ́ kí ìsàlẹ̀ irun tuntun mọ́ díẹ̀ ju òkè rẹ̀ lọ, ojú yóò gbà pé ó ti pẹ́ lórí ẹni náà.

## Ọ̀nà wo ni irun ń gbà kọjá lórí èjìká?

Irun kì í sọ̀kalẹ̀ tààrà láti orí dé àyà. Nínú àpẹẹrẹ wa, yóò kọ́kọ́ tẹ̀ lé ẹ̀gbẹ́ ọrùn, yóò fara kan èjìká, èjìká yóò sì tì í síta àti síwájú; lẹ́yìn èyí ni yóò ré kọjá egungun èjìká iwájú, tí yóò wá so rọ̀ láti ibi tí àyà ti yọ síta. Ibi tí ó ti fara kan ara ni ó ti ń tẹ̀. Irun tí a fà tààrà láìka èjìká sí yóò dà bí ohun tí ó léfòó níwájú ẹni náà.

Nítorí náà, kí a tó ya ohunkóhun, a gbọ́dọ̀ pinnu ìdì tí ó gba iwájú èjìká àti èyí tí ó lọ sẹ́yìn. Èyí tí ó gba iwájú ni a ó fi irinṣẹ́ Warp tẹ̀, tí GIMP ń pè ní Warp Transform, kí ó lè ní ìtẹ̀ méjì: ọ̀kan níbi tí èjìká ti gbà á, ìkejì tí ó rọra wọlé padà nísàlẹ̀. Kọ́là ṣẹ́ẹ̀tì náà ń kó ipa tirẹ̀. Ó nípọn, ó sì ga ju aṣọ tí ó yí i ká lọ, nítorí náà irun tí ó gun orí rẹ̀ yóò yọ díẹ̀ síta, díẹ̀ nínú àwọn fọ́nrán yóò sì há sẹ́yìn rẹ̀. Bí a bá fi ìbòjú fi ìdì kékeré kan pamọ́ sẹ́yìn etí kọ́là, tí àwọn ìyókù sì gba iwájú rẹ̀, irun àti aṣọ yóò so mọ́ ara wọn lọ́nà tí ó ṣòro láti rí gbà pẹ̀lú ọgbọ́n mìíràn.

## Báwo ni irun ṣe ń parí sórí aṣọ?

Ìsàlẹ̀ irun kì í jẹ́ ìlà kan. Irun ń pín sí ìdì bí ó ti ń sọ̀kalẹ̀, ìdì kọ̀ọ̀kan ń tín-ín-rín lọ títí yóò fi di ṣóńṣó, gígùn wọn kì í sì í dọ́gba. Láàárín ṣóńṣó méjì, aṣọ ni à ń rí. Àwọn àlàfo yẹn ni mo kà sí pàtàkì jù nínú ìsàlẹ̀ irun, nítorí pé ibẹ̀ ni ojú ti ń rí i pé aṣọ ń bá a lọ lábẹ́ irun. Dípò kí a máa fi fọ́nrán kún un, ìbòjú ni kí a fi gbẹ́ àwọn àlàfo náà láti ìsàlẹ̀ sókè, kí wọ́n fẹ̀ nísàlẹ̀ kí wọ́n sì pa dé lókè, kí èyí tí ó gùn jù lè ga tó sẹ̀ǹtímítà 4, ìyẹn píkísẹ́lì 240 nínú àwòrán wa, kí òmíràn má sì ju sẹ̀ǹtímítà kan lọ.

Lẹ́yìn èyí ni fọ́nrán tí ó dá dúró yóò wá, wọn kò sì gbọdọ̀ pọ̀. Inú irun ni kí fọ́nrán kọ̀ọ̀kan ti bẹ̀rẹ̀, kí ó tó jáde sórí aṣọ, kí àwọ̀ rẹ̀ sì jẹ́ èyí tí a mú láti ara irun: ọ̀kan láti ibi tí ó ṣókùnkùn, ọ̀kan láti àárín, ọ̀kan láti ibi tí ó mọ́. Ìparí rẹ̀ gbọ́dọ̀ tín-ín-rín. Ẹni tí ó ní páàdì àti kálámù ìyàwòrán yóò fi ìtẹ̀mọ́lẹ̀ ọwọ́ ṣe é. Ẹni tí ó ní máòsì nìkan lè ya ọ̀nà kan pẹ̀lú irinṣẹ́ Pen tàbí Paths, kí ó sì ní kí ètò náà fi búrọ́ọ̀ṣì tọ ọ̀nà yẹn: nínú Photoshop, kí ó mú Simulate Pressure, nínú GIMP, kí ó mú Emulate brush dynamics. Ìlà náà yóò tín-ín-rín níparí fúnra rẹ̀.

Lórí aṣọ tí ó mọ́ bíi ti àpẹẹrẹ wa, gbogbo àṣìṣe ni yóò hàn, nítorí pé irun dúdú kò ní ibi tí yóò fara pamọ́ sí. Lórí aṣọ dúdú, ohun tí ó yàtọ̀ ni pé ara irun kò ní hàn púpọ̀. Àwọn fọ́nrán tí ìmọ́lẹ̀ bà nìkan ni yóò ya irun kúrò lára aṣọ, àwọn ni a ó sì yà.

## Kí ni òjìji ń ṣe níbẹ̀?

Òjìji ni ó ń sọ fún ojú pé irun wà lórí aṣọ ní tòótọ́ àti bí ó ṣe jìnnà sí i tó. Bí mo bá ní ìṣẹ́jú mẹ́wàá péré fún irú àwòrán bẹ́ẹ̀, òjìji ni máa ná ọ̀pọ̀ jù lé.

Ìpele òjìji gbọ́dọ̀ wà lókè aṣọ, kí ó sì wà lábẹ́ irun tuntun. A ó yí ọ̀nà tí ìpele náà gbà ń bá ìsàlẹ̀ rẹ̀ pò sí Multiply. Ohun tí Multiply ń ṣe ni pé ó ń sọ àwọ̀ òjìji àti àwọ̀ aṣọ di púpọ̀ mọ́ra wọn, ó sì ń fi 255 pín in, nítorí pé 255 ni ètò náà ń ka funfun sí. Ẹ wo ìdí tí èyí fi ṣe pàtàkì. Kí a sọ pé ibi tí ṣẹ́ẹ̀tì tẹ́jú mọ́ tó 220, tí inú ìṣẹ́po rẹ̀ sì jẹ́ 150. Bí òjìji wa bá jẹ́ 180:

```
220 × 180 ÷ 255 = 155
150 × 180 ÷ 255 = 106
```

Ibi tí ó tẹ́jú ṣókùnkùn, ìṣẹ́po náà ṣókùnkùn ní ìwọ̀n kan náà, aṣọ sì wà bí aṣọ. Ká ní àwọ̀ eérú lásán tí ó jẹ́ 90 ni a fi Opacity 50 kùn lé e láìlo Multiply, ibi tí ó tẹ́jú yóò di 155 bákan náà, ṣùgbọ́n inú ìṣẹ́po yóò di 120 dípò 106. Ìṣẹ́po náà ti fúyẹ́. Aṣọ tí ìṣẹ́po rẹ̀ fúyẹ́ lábẹ́ òjìji máa ń dà bí ẹni pé èéfín bò ó, ìyẹn ni àwọn ènìyàn sì ń rí nígbà tí wọ́n bá sọ pé òjìji kan dọ̀tí. Àwọ̀ òjìji náà kò gbọdọ̀ jẹ́ dúdú tàbí eérú gbáà. Láti ara òjìji mìíràn tí ó ti wà lórí ṣẹ́ẹ̀tì náà tẹ́lẹ̀, bóyá abẹ́ kọ́là, ni kí a ti wo bí ó ṣe rí. Lórí ṣẹ́ẹ̀tì wa, yóò jẹ́ búlúù tí ó ṣú díẹ̀.

Ìmọ́lẹ̀ ń bọ̀ láti òkè ní apá òsì, nítorí náà òjìji ìdì irun kọ̀ọ̀kan yóò bọ́ sí ọ̀tún rẹ̀ àti sísàlẹ̀. Ibi tí irun ti sùn lé aṣọ gan-an, òjìji rẹ̀ kò gbọdọ̀ jìnnà sí i ju mìlímítà kan lọ, ìyẹn píkísẹ́lì 6, yóò ṣókùnkùn, etí rẹ̀ yóò sì múná díẹ̀. Ibi tí irun ti kúrò lára aṣọ, bíi lábẹ́ ibi tí àyà ti yọ síta, òjìji náà yóò jìnnà sí i tó píkísẹ́lì 30, yóò fẹ̀, yóò sì rọ̀. Ènìyàn lè fi búrọ́ọ̀ṣì méjì ṣe èyí: ọ̀kan tẹ́ẹ́rẹ́ fún ibi ìfarakàn, ọ̀kan tí ó fẹ̀ tí etí rẹ̀ sì rọ̀ fún ìyókù. Ètò Photoshop ní bọ́tìnnì kan, Drop Shadow, tí ń ṣe òjìji fún gbogbo ìpele lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Mi ò gbà á níyànjú fún irun, nítorí pé ọ̀nà jíjìn kan náà ni ó ń fún ibi gbogbo, yóò sì mú kí irun dà bí ohun pẹlẹbẹ kan tí ó dúró níwájú aṣọ.

Òjìji kò sì gbọdọ̀ já sórí ohun tí ó jìnnà. Bí irun bá gba ẹ̀gbẹ́ apá kọjá sórí ògiri tí ó wà lẹ́yìn, òjìji gbọ́dọ̀ dáwọ́ dúró ní etí apá.

## Kí ni ó dé tí irun tuntun fi hàn kedere ju ara lọ?

Ọ̀pọ̀ àwòrán ojú ènìyàn ni wọ́n yà lọ́nà tí ojú fi mọ́ kedere, tí èjìká àti ẹ̀yìn fi ṣe bàìbàì díẹ̀. Irun tí a kó láti ẹ̀bá ojú wá sí èjìká yóò hàn kedere ju ibi tí a gbé e sí lọ. Gaussian Blur, tí ń sọ ìpele di bàìbàì, ni a ó fi dín in kù; díẹ̀, láti píkísẹ́lì 0.5 dé 1, ni ó sábà máa ń tó; kí a fi í wé kọ́là tàbí bọ́tìnnì tí ó wà ní ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Bí àwòrán náà bá ní hóró kéékèèké nítorí pé ibi tí wọ́n ti yà á ṣókùnkùn, irun tí a fi búrọ́ọ̀ṣì yà kò ní ní hóró kankan, a ó sì fi Noise díẹ̀ kún ìpele rẹ̀.

## Ṣé gígé irun kúrú rọrùn jù?

Ó le jù, èyí sì ń ya ọ̀pọ̀ ènìyàn lẹ́nu. Nígbà tí a bá ń sọ irun di gígùn, aṣọ tí ó wà lábẹ́ rẹ̀ ni a ń bò. Nígbà tí a bá ń gé e, ohun tí kámẹ́rà kò rí rárá ni a gbọ́dọ̀ dá sílẹ̀: èjìká, ẹ̀gbẹ́ ọrùn, ìdajì kọ́là, ojú rírán. Nínú irú iṣẹ́ yìí, irun kì í gbà ju ìdá díẹ̀ lọ nínú àkókò wa. Aṣọ ni ó ń gba ìyókù.

Ìlà èjìká ni a ó kọ́kọ́ fi irinṣẹ́ Pen yà, láti ibi tí a ti lè rí i nítòsí ọrùn dé ibi tí ó ti tún yọ jáde ní apá, kí a tó gbé aṣọ kankan sí i. Lẹ́yìn náà ni a ó fi Clone Stamp, tí GIMP ń pè ní Clone, kó aṣọ láti ibòmíràn lára ṣẹ́ẹ̀tì náà sórí ìpele tuntun. Ibi tí a ó ti kó o gbọ́dọ̀ dojú kọ ìmọ́lẹ̀ bíi ti ibi tí a ń kó o lọ: aṣọ àyà kò mọ́ tó ti orí èjìká, nítorí pé èjìká ni ìmọ́lẹ̀ òkè ń bà. Ìtọ́sọ́nà òwú aṣọ náà gbọ́dọ̀ bára mu, pàápàá bí aṣọ bá ní ìlà. Ìlà tí ó já lójijì níbi tí irun wà tẹ́lẹ̀ kò ṣeé fi pamọ́. Bí ìdajì kọ́là kan bá wà lábẹ́ irun, a lè yí ìdajì kejì padà kí a sì gbé e síbẹ̀, ṣùgbọ́n a gbọ́dọ̀ tún ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ ṣe, kí a má sì gbé bọ́tìnnì tàbí ihò bọ́tìnnì lọ síbi tí kò yẹ kí ó wà.

Lẹ́yìn tí aṣọ bá ti pé, òjìji irun àtijọ́ ṣì lè kù. Ó máa ń jẹ́ ìlà ṣíṣókùnkùn kan lórí ṣẹ́ẹ̀tì, ní ọ̀tún ibi tí irun wà, ojú ẹni tí ó ṣe iṣẹ́ náà sì máa ń fò ó nítorí pé irun ni ó ń wò. Òjìji tí kò ní olúwa nìyẹn. Láti rí i, ẹ yọ àwọ̀ kúrò nínú àwòrán fún ìgbà díẹ̀ kí ó di dúdú àti funfun, kí ẹ sì sọ ọ́ di kékeré lójú kọ̀ǹpútà títí yóò fi tó ìdá kan nínú mẹ́rin. Ìlà náà yóò yọ síta.

Ṣóńṣó irun tí a gé yàtọ̀ sí ti irun gígùn. Ibi tí irun ti pọ̀ ni sísọ́ọ̀sì ti gé e, nítorí náà ìsàlẹ̀ rẹ̀ máa ń ki, àlàfo rẹ̀ kì í sì í pọ̀. Ṣóńṣó tí ó ti wà nínú àwòrán ni ó dára láti lò: kí a ṣe ẹ̀dà rẹ̀, kí a gbé e sókè sí gígùn tuntun, kí a fẹ̀ ẹ́ títí yóò fi bá irun òkè mu, kí a sì fún àwọn àlàfo rẹ̀ pọ̀. Irun tí a gé sì máa ń wú díẹ̀ síta, nítorí pé ìwúwo tí ó ń fà á sísàlẹ̀ ti dín kù. Bí irun náà bá jẹ́ irú èyí tí ó ń ká, yóò wú jù bẹ́ẹ̀ lọ. Irun tí ó ká kọ́lọ́kọ́lọ́ ní ọ̀rọ̀ tirẹ̀ pàápàá nígbà tí a bá fẹ́ kí ó gùn: kì í sọ̀kalẹ̀, fífẹ̀ ni ó ń fẹ̀ yípo orí, nítorí náà ìrísí orí náà ni yóò yí padà, èjìká lè má sì rí òjìji tuntun kankan àyàfi ní òkè rẹ̀ níbi tí ó súnmọ́ ọrùn.

Ibì kan wà tí mo máa ń gba àwọn ènìyàn níyànjú pé kí wọ́n dáwọ́ dúró. Bí irun bá bo èjìká méjèèjì, ọrùn àti kọ́là pátápátá, tí kò sì sí àwòrán mìíràn tí wọ́n yà ní ọjọ́ kan náà pẹ̀lú aṣọ kan náà, kò sí ohun tí a ó fi mọ bí èjìká náà ṣe rí. Ẹ jẹ́ kí irun náà kúrú dé ibi tí èjìká ti bẹ̀rẹ̀ sí í hàn, kí ó má kọjá bẹ́ẹ̀. Bí àwòrán kejì bá wà, kódà bí orí inú rẹ̀ bá yí díẹ̀, ẹ gbé èjìká àti kọ́là rẹ̀ wá sórí ìpele kan, ẹ fi ìbòjú so ó mọ́ ọrùn, kí ẹ tó fọwọ́ kan irun rárá.